Ọwọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ń Dáhùn

Adití ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ibà kan ló mú etí rẹ̀ lọ kí wọ́n tó bí mi, nítorí náà èmi ò mọ̀ ọ́n rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́. Apẹ̀rẹ̀ ló ń hun. Tí ẹ bá wá sí ilé wa ní Ifangni, ẹ ó bá a lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, imọ̀ ọ̀pẹ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ lórí iṣẹ́. Ọkọ tèmi ti kú, ọkọ tiẹ̀ náà ti kú, àwọn ọmọ wa ti tú ká sí Kútọnu àti Nàìjíríà. Àwa méjèèjì ló kù nínú ilé bàbá wa.

Bí ìyá wa ṣe kọ́ mi láti kékeré ni mo ṣe ń kí i láàárọ̀. Màá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, màá tẹrí ba, ojú mi á wo ilẹ̀. Òun náà á fi àtẹ́lẹwọ́ lù mí lẹ́yìn, pẹ́pẹ́pẹ́. Ìyẹn ni "o kú àárọ̀, ṣé o jí dáadáa" tiẹ̀. Màá wá dìde lọ gbé omi kaná. Ọ̀rọ̀ mìíràn, a ní àmì tí a fi ń sọ ọ́, àmì inú ilé tí ará ìta ò mọ̀: ẹni tó bá fa etí ara rẹ̀, ewúrẹ́ ló ń sọ, ẹni tó bá nu iwájú orí, oòrùn ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ìkíni, ẹ̀yìn mi ni mo fi ń gbọ́ ọ.

Ó wá di ọjọ́ kan, madamu kan gba yàrá lọ́dọ̀ wa. Ọ̀dọ́ ni, olùkọ́ ni, àwọn ọmọ adití ló ń kọ́ ní Àjàṣẹ́. Zẹ́mìjàn, ọ̀kadà tiwa, ló ń gbé e lọ, zẹ́mìjàn ló ń gbé e bọ̀.

Àárọ̀ tó kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó. Àwọn ọmọdé àdúgbò, òkò kékeré ni wọ́n máa ń jù sí i kó tó gbójú sókè. Télọ̀ tó wà níwájú ilé wa, ẹ̀yìn ló ń gbà lọ gbá a léjìká, ẹ̀gbọ́n mi á fò bí ẹni tó pàdé ejò. Madamu ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rìn yípo wá síwájú. Nígbà tó rí i pé oòrùn wà lẹ́yìn òun, tí ojú òun á ṣókùnkùn sí ẹni tó ń wo òun, ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wá ń ju ọwọ́ nísàlẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, níbi tí ojú ẹni tó ń hun apẹ̀rẹ̀ lè dé. Ẹ̀gbọ́n mi ò rí i. Ó fi orí ìka kàn án léjìká fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì sún sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè. Madamu fi orí ìka ọwọ́ ọ̀tún kan ètè, ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́ òsì. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ òsì sí ìgbúnwọ́ ọ̀tún, ó wá ń gbé apá ọ̀tún bọ̀ láti ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí oòrùn tó ń yọ. Kò dìgbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín kí ẹ tó mọ̀ pé àárọ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mi ò rí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Láti ọjọ́ yẹn, tí madamu bá ti iṣẹ́ dé, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló ń jókòó sí. Madamu á máa kọ́ ọ ní èdè ọwọ́ tí àwọn adití fi ń sọ̀rọ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Télọ̀ ò sì jẹ́ kí n gbádùn.

"Ìyá, ẹ mà ti ní orogún o!"

"Gbọ́ ti ẹ̀rọ rẹ."

"Ẹ̀rọ mi ò sọnù. Ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n ń gbé lọ!"

Mo jowú. Ẹ má jẹ́ kí n pè é lórúkọ mìíràn. Ibi tí wọ́n bá jókòó sí ni màá gbálẹ̀ dé, kí eruku lè lé wọn dìde. Wọn ò dìde. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ sókè kí n gbá abẹ́ rẹ̀.

Nǹkan tó wá dùn mí jù ni pé lílù ẹ̀yìn dáwọ́ dúró. Mo kúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tẹrí ba, ẹ̀yìn mi ń retí. Kò sí nǹkan kan. Mo dìde, ojú rẹ̀ ti padà sórí imọ̀ ọ̀pẹ. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Mo ní, ó dára, ó ti rí ẹni tí yóò máa dá lóhùn.

Mo wọ yàrá, mo dá kọ́ ìkíni ọwọ́ madamu níwájú dígí: ètè, àtẹ́lẹwọ́, oòrùn tó ń yọ. Tó bá jẹ́ pé ìyẹn ló fẹ́, èmi náà ní ọwọ́. Nígbà tó mọ́ mi lọ́wọ́, mo lọ bá a. Mo fi ìka kàn án léjìká, mo kúnlẹ̀, mo ṣe é láìfi ọ̀kan sílẹ̀, mo sì tẹrí ba. Mo dúró. Ilẹ̀ nìkan ni mo rí, àti èèrà. Ẹ̀yìn mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹkún ló kù. Mo dúró de madamu lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ náà, kó tó san owó zẹ́mìjàn tán mo ti bẹ̀rẹ̀.

"Kí lo fún ẹ̀gbọ́n mi jẹ?"

"Màmá, ẹ káalẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo kúnlẹ̀ fún un, kò dá mi lóhùn. Mo fi ọwọ́ tìrẹ yìí kí i, kò dá mi lóhùn. Ìwọ tó dé lánàá, ó ń bá ẹ rẹ́rìn-ín!"

Ó yí sí mi. "Ó dáa. Màmá, ẹ̀gbọ́n yín ń dá yín lóhùn o. Èmi ni wọ́n bi léèrè lánàá, pé kí lòun ṣe fún àbúrò òun. Wọ́n ní òun ń kí yín lójoojúmọ́, ẹ̀yin kì í wo òun."

"Èmi? Mo tẹrí ba fún un ni!"

"Ọwọ́ ni wọ́n fi ń dáhùn báyìí, Màmá. Lókè orí yín. Tí ẹ bá wo ilẹ̀, etí lẹ dí yẹn."

Mi ò lè sùn dáadáa. Kúnlẹ̀ kí o sì wo àgbà lójú? Tí ìyá wa bá wà láyé, ìgbátí ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gba iwájú. Mo fi ọwọ́ gbá bẹ́ǹṣì tó jókòó lé, pákó yẹn gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, ó gbójú sókè. Mo kúnlẹ̀, orí mi nàró. Ọrùn mi le bí igi, ó fẹ́ wálẹ̀ fúnra rẹ̀, mo dá a dúró. Mo fi ọwọ́ kí i.

Ó ju imọ̀ ọ̀pẹ sílẹ̀. Ètè, àtẹ́lẹwọ́, oòrùn tó ń yọ. Ó wá ká ìka ọwọ́ méjèèjì, ó kan oríkèé wọn pọ̀, ó yí wọn síta títí àtẹ́lẹwọ́ fi wo òkè, ó sì na ìka sí mi: báwo lo ṣe wà? Ojú rẹ̀ ń bi mí ju ọwọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ kọjá èjìká mi, ó lù mí lẹ́yìn. Pẹ́pẹ́pẹ́.

Madamu ti múra iṣẹ́, ó ń bọ̀ wá kí i. Ẹ̀gbọ́n mi rí i. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè sí i pé kó dúró ná, ó sì yí ojú padà sọ́dọ̀ mi.

Inú mi dùn pé madamu dúró. Mi ò yára dìde.