Ìlà Márùn-ún Péré Ni Wọ́n Ní Ká Kọ

Fìríìjì ni Ọ̀gá ń tún ṣe ní Abobo Gare. Òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́-ọwọ́ tí a ti Nàìjíríà wá sí Abidjan. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé, torí pé mo gbọ́ Faransé, mo sì ní kọ̀ǹpútà.

A fẹ́ kọ́ ogún ọmọbìnrin ní iṣẹ́ fìríìjì. Àjọ kan tó ń fi owó ran irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní ká kọ ìwé ṣókí wá ná, ojú ìwé méjì péré. Bó bá wù wọ́n, wọn á wá ní ká kọ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Note conceptuelle ni wọ́n ń pe ìwé ṣókí náà. Bọ́jẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìlà márùn-ún, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju trente millions CFA, ìyẹn ọgbọ̀n mílíọ̀nù, lọ.

Mo pe Ọ̀gá lórí fóònù pé kó ronú sí bọ́jẹ́ẹ̀tì wa. N kò sọ ti ìlà márùn-ún fún un. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ìwé náà gbọ́dọ̀ wọlé, ó ti kọ ìlà mọ́kànlélọ́gọ́ta. Súkúrúù wà níbẹ̀. Gáàsì wà níbẹ̀, àti páìpù bàbà, pẹ̀lú ọṣẹ tí àwọn ọmọ náà máa fi fọ ọwọ́. Ìlà kejìdínlógójì ni ẹja yíyan àti attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ibẹ̀, fún ọjọ́ tí àwọn olówó bá wá wò wá.

Mo ní, "Ọ̀gá, ìlà márùn-ún ni wọ́n fẹ́."

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn òkú. "Ta ló fẹ́ fi ìlà márùn-ún kọ́ ogún èèyàn níṣẹ́?"

"Wọn ò tíì fẹ́ mọ iye súkúrúù. Wọ́n kàn fẹ́ mọ bí owó náà ṣe máa pín, bóyá ó bá iṣẹ́ mu."

"Kò burú. Kó gbogbo rẹ̀ sí ìlà kan, kí o máa fi kọ́mà sí i."

Mo gbìyànjú, kó má bàa rò pé mo ń ta kò ó. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni fọ́ọ̀mù náà wà, àpótí kọ̀ọ̀kan sì ní iye lẹ́tà tó lè gbà. Ní orí páìpù bàbà ló dákẹ́. Kò gba lẹ́tà kan kún un mọ́.

Ni Ọ̀gá bá fúnra rẹ̀ pe obìnrin tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkéde. Ó ṣe àlàyé ọṣẹ àti súkúrúù fún un ní Faransé tirẹ̀. Obìnrin náà fara balẹ̀ gbọ́ ọ títí, ó wá ní, "Monsieur le Président, cinq lignes." Ìlà márùn-ún náà ni. Ọ̀gá gbé fóònù sílẹ̀. "Ahun ni obìnrin yìí."

A jókòó ti ìwé rẹ̀. Mo ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan, òun ń sọ ibi tó máa lọ: owó olùkọ́, ohun èlò, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àbójútó. Ẹja yíyan dá ìjà sílẹ̀. Ó ní àbójútó ni, torí pé alábòójútó ló máa jẹ ẹ́. A yọ ọ́. Alùpùpù tó fẹ́ rà fún ara rẹ̀ náà lọ, nítorí òfin wọn ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi owó náà ra ọkọ̀. Ìyẹn dùn ún ju ti ẹja lọ.

Ìlà mẹ́rin náà jẹ́ vingt-huit millions, mílíọ̀nù méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìlà karùn-ún ni owó ìṣàkóso ẹgbẹ́, bíi iná àti owó ilé, tí kò gbọdọ̀ ju ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kíá ni mo ti kọ deux millions cent mille, mílíọ̀nù méjì lé ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, sí i. Mo ti fẹ́ fi ránṣẹ́ nígbà tí Ọ̀gá dá mi dúró.

"Àbúrò, ìdá méje nínú kí ni?"

"Nínú trente millions."

Ó fi ìka tó kún fún ọ̀rá tọ ìlànà wọn lórí kọ̀ǹpútà mi. "Coûts directs, owó iṣẹ́ gan-an, ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ nìyẹn. Wò ó, tìrẹ ti gbé wa kọjá trente millions."

Òótọ́ ni. Fún odidi wákàtí mẹ́ta ni mo ti ń kọ́ ọkùnrin yìí ní bọ́jẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ èmi ni mi ò ka òfin dé ìdí. Mo yí i sí un million neuf cent soixante mille, tí kò tó mílíọ̀nù méjì, àpapọ̀ wá wọ abẹ́ gbèdéke. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá." Ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n kọ̀wé pé ká wá kọ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Mo fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gá ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọjọ́ kejì, ó ti jẹ́rìí fún ìjọ pé owó ti dé. Àwọn èèyàn ń dì mọ́ mi. Màmá kan tó ń ta omi tútù ní Adjamé bi mí pé ìgbà wo ni fìríìjì tirẹ̀ máa dé.

Mo ní, "Màmá, wọn ò tíì fún wa ní nǹkan kan. Wọ́n ní ká wá kọ̀wé ni."

"Ìwé wo lẹ wá kọ níjọ́sí?"

N kò rí ọ̀nà mìíràn sọ ọ́. "Ìwé tí a fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ ká kọ̀wé ni, mà."

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ pàápàá di orí àga mú. Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn padà, ó ní kí ìjọ dìde, kí wọ́n gbàdúrà fún akọ̀wé, kí Ọlọ́run fún un ní sùúrù láti máa ka òfin dé ìparí.