Omi Tí Kò Dé Àgbọ̀n

Ọ̀gá wa gbé àkọsílẹ̀ méjèèjì sórí tábìlì. Tèmi nípọn, ti àbúrò mi fẹ́lẹ́. Ó fọwọ́ kan tèmi, ó ní, "Iṣẹ́ wà níbí o," bí ìgbà téèyàn bá ń kí ẹni tí òfò ṣẹ̀. Ó wá gbé tọ̀hún sókè, ó ń kà á, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í jowú. Mi ò ní wá orúkọ tó dùn-ún gbọ́ fún un. Owú ni, ó korò lẹ́nu mi bí ewúro tí wọn ò fọ̀.

Réjísírà ni àwa méjèèjì, ìyẹn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ láti di ọ̀gá, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àrùn ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìlọrin. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, ìdí nìyẹn tí àbúrò mi yìí fi ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, bí a ò tiẹ̀ bá ara wa tan. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, onígbàgbọ́ ni, ó gba yàrá sí Tanke láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Èmi ní tèmi, ọmọ Ìlọrin ni mí, ọmọ àlùfáà. Kítábù kún yàrá bàbá mi dé àjà, ó sì máa ń bi mí pé, "Ìgbà wo ni tìẹ máa jáde?" Mo ti ń wá ohun tí mo máa fi dá a lóhùn tipẹ́. Mo rò pé mo ti rí i.

Ohun náà ni aláìsàn kan tí àwa méjèèjì jọ tọ́jú. Olùkọ́ ilé-kéwú ni obìnrin náà lẹ́bàá Òkè-Òyì, síkùsẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sì bí mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn yìí máa ń tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé nígbà míì, á dí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀, egungun á sì máa ro wọ́n. Kíráísì ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ ló ń ro ó nígbà tí wọ́n gbé e dé, ìyẹn kì í ṣe tuntun sí wa. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti àgbọ̀n rẹ̀ kú. Tá a bá fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ níbẹ̀, kì í mọ̀.

A kọ́kọ́ bẹ̀rù pé rọpárọsẹ̀ ni, torí síkùsẹ́ẹ̀lì máa ń fà á. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò wọ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lágbára. Àwọn dókítà eyín yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí eyín tó jẹrà tàbí ibi tó gbọyún. A bẹ̀rù jẹjẹrẹ, torí ó lè sá pamọ́ sínú egungun párì kó sì fi àgbọ̀n tó kú ṣe àmì àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tá a wò lábẹ́ ẹ̀rọ ò fi hàn bẹ́ẹ̀. Àwòrán ẹ́síréè ò sọ nǹkan kan. Àwòrán MRI, tó ń rí inú ara ju ẹ́síréè lọ, tó lọ yà ní àdúgbò Challenge níbí, ló tú àṣírí: ẹ̀jẹ̀ ò dé inú egungun párì rẹ̀ dáadáa mọ́, ibẹ̀ wú, ó sì ń tẹ iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára wá láti ètè àti àgbọ̀n. Kíráísì ti wọ egungun ẹnu. A fún un ní omi àti oògùn ìrora. Ìrora lọ, àgbọ̀n náà sì ń jí díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ọ̀gá ní kí àwa méjèèjì kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún jọ́nà ìṣègùn, ìwé tí àwọn dókítà káàkiri ń kà, pé tẹni tó bá dára jù ni a máa fi ránṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ló sì máa ṣíwájú. Ẹni tí kò bá sí nídìí iṣẹ́ yìí lè má mọ ohun tó wà nínú ìyẹn. Tí àwọn míì bá ń tọ́ka sí iṣẹ́ náà lẹ́yìn ọ̀la, orúkọ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa pè. Àwọn yòókù á di "àti àwọn mìíràn."

Mo kọ tèmi bí a ṣe ń ka aláìsàn sílẹ̀ fún ọ̀gá ní wọ́ọ̀dù, láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìtàn síkùsẹ́ẹ̀lì nílẹ̀ adúláwọ̀. Mo kó gbogbo ìfúnpá àti ìtọ̀ tá a wọ̀n sí i. Kí àgbọ̀n tó yọjú, ìwé ti lọ jìnnà.

Ọ̀gá ní, "Raùndì wọ́ọ̀dù kọ́ nìyí. Ẹni tó ń kà á ò tíì rí aláìsàn yìí, kò sì ní rí i láéláé. Kí ló ṣọ̀wọ́n níbẹ̀? Gbé e síwájú. Èyí tí gbogbo wa ti mọ̀, fi sílẹ̀."

Àbúrò mi gbé e síwájú ní tiẹ̀. Àgbọ̀n ti wà nínú àkọlé. Ìfáárà rẹ̀ kúrú, ó kàn sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi yẹ ní kíkọ. Ó wá bọ́ sórí obìnrin náà: pé nídìí àlùwàlá ló ti kọ́kọ́ mọ̀, pé ó ń fọ ojú, kò sì mọ omi lágbọ̀n, pé ó ń tún un ṣe títí àwọn ará ilé fi ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé wáswáàsì ló ń dà á láàmú, iyèméjì tí Ṣàítánì ń sọ sí èèyàn létí.

Àlùwàlá! Ohun tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ láti kékeré, ohun tí bàbá mi fi ń jí mi. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kì í fi ríran. Àlejò yìí ríran o, nínú ilé mi gan-an. Nígbà tí mo bi obìnrin náà ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ó ti ṣe díẹ̀, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi bi í pé, "Kí lẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀?" Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá dájọ́: tiẹ̀ la máa lò, èmi ni kí n tò ó kí n sì yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ mi á tẹ̀lé tiẹ̀, ti òun ọ̀gá á kẹ́yìn.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣàánú mi. Ẹ gé ohun tó bá yẹ."

Mo gé e. Ó kọ ọ́ pé irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láyé. Mo wá inú ìwé káàkiri, mo rí àwọn tó ti kọ irú rẹ̀ ṣáájú, mo wá sọ ọ́ di pé ó ṣọ̀wọ́n. Ó da èrò tiẹ̀ pọ̀ mọ́ ìtàn aláìsàn. Mo fa èrò yọ, mo kó o lọ síbi àlàyé. Mo tò ó tẹ̀léra: ohun tó rí lára rẹ̀, ohun tá a rí, ohun tá a bẹ̀rù, ìdí tá a fi pa ìbẹ̀rù kọ̀ọ̀kan tì. Mo fi kún un pé a ò gé egungun náà yẹ̀ wò, a ò lè búra. Iṣẹ́ náà dára sí i lọ́wọ́ mi, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì tún dá kún ìbínú mi.

Mo wá kan àlùwàlá. Ó ti kọ ọ́ lódìlódì. Ó ní obìnrin náà fọ ojú, ó fọ ẹsẹ̀, kó tó wá fi omi yọ ẹnu. Mo rẹ́rìn-ín lémi nìkan. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo fi pa mọ́ de ọjọ́ tá a máa kà á níwájú gbogbo ẹ̀ka wa, kí n lè dìde tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, kí n sì tún un ṣe níbi tí gbogbo ojú ti ń wò.

Ṣùgbọ́n jọ́nà ò ní gba iṣẹ́ náà láìsí ìyọ̀ǹda aláìsàn, wọ́n sì fẹ́ kó mọ ohun tá a kọ nípa rẹ̀. Àwa méjèèjì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkè-Òyì, a gun ọ̀kadà wọlé. Àwọn ọmọ kéwú ń ké wálà, pátákó ìkọ̀wé wọn, lábẹ́ òrùlé páànù. Mo kí i ní sàlámà, mo ní ọmọ àlùfáà ni mí, ó dá mi lóhùn tayọ̀tayọ̀, ó sì tẹ́ ẹní fún wa. Àbúrò mi ń ka iṣẹ́ náà fún un ní Yorùbá. Ó dé ibi àlùwàlá. Mo múra ẹ̀rín sílẹ̀.

Obìnrin náà ní, "Rárá o, Dókítà. Ẹnu ló máa ń ṣáájú ojú. Ẹsẹ̀ ló ń kẹ́yìn."

Ojú ò ti ọmọ Ọ̀mù-Àrán yìí rárá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi kí n lè kọ ọ́ dáadáa." Wọ́n gbé bútà omi wá. Obìnrin náà ń sọ ọ́, òun ń ṣe é: ọwọ́, ẹnu, imú, ojú. Omi ń kán sílẹ̀ lágbọ̀n rẹ̀.

Obìnrin náà na ìka sí i. "Ibẹ̀ yẹn. Omi ń débẹ̀ o. Èmi ni mi ò mọ̀. Wáláhì, mo rò pé ìmáánì mi ló ń lọ."

Ó ní ká yọ ìlú rẹ̀ kúrò, ká má sọ pé olùkọ́ kéwú lòun, kí ẹnikẹ́ni má dá òun mọ̀. Ṣùgbọ́n ká fi omi sílẹ̀. "Kí wọ́n mọ̀ pé wáswáàsì kọ́." Ó fọwọ́ sí i. Ó wá yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ọmọ àlùfáà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe àlùwàlá, kí ló dé tẹ́ ò bi mí?"

Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Irọ́ ni.

Jọ́nà gba iṣẹ́ náà. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n gbé e fún yẹ̀ wò ní kí a má ṣe gé ibi omi rárá. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo gbé e lọ fún bàbá mi. Ó wọ gíláàsì, ó wá orúkọ mi, ó rí i, kò bèèrè ipò tó wà. Mo ṣàlàyé àgbọ̀n àti àlùwàlá fún un. Ó na ọwọ́ sókè, ó ṣàdúà, omi lé sójú rẹ̀.

Ó ní, "Alihamudulilahi. Mo mọ̀. Ta ni ì bá tún rí irú èyí bí kì í bá ṣe ẹni tí mo kọ́ ní àlùwàlá fúnra mi?"

Ohun tí mo ti ń wá tipẹ́ nìyẹn, ó wà lọ́wọ́ mi. Mo lè gbé e lọ sílé. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Mo ní, "Bàbá, èmi kọ́ ni mo rí i. Èyí tí orúkọ rẹ̀ ṣíwájú yẹn ni. Onígbàgbọ́ ni. Òun ló bi í."

Bàbá mi tún gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. Ó ka orúkọ àkọ́kọ́ yẹn síta, díẹ̀díẹ̀, ó sì fi í ṣàdúà, gẹ́gẹ́ bó ṣe fi tèmi ṣe. Mo ṣe àmí sí i. Owú yẹn ò kúrò lẹ́nu mi bí mo ṣe ń ṣe é.