Láàpútọ́ọ̀pù Méjì ní Ìkòtún

Ẹ̀rọ kì í ránṣẹ́ ikú rẹ̀ ṣáájú. Lọ́jọ́ Ajé kan, iná ìjọba dé lójijì pẹ̀lú agbára, ó sì lu láàpútọ́ọ̀pù wa pa ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí èmi àti ìyàwó mi ti ń gé fídíò òde tí a bá yà, tí à ń tò ó títí yóò fi di díìsì. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa nígbà náà ni ìsìnkú ìyá arúgbó kan ní Ìgándò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti òkè òkun wá sin ín yóò padà lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ dáwódù, wà lórí ibùsùn àìsàn lọ́hùn-ún, kò lè wá.

"Bàbá," obìnrin náà ti sọ fún mi, "mi ò lè padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ òfo. Ìsìnkú ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ gbé lọ fún un."

Mo ní yóò gbé e lọ. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ wa ṣì ń mí.

Ohun tó yọ wá ni pé inú háàdì kékeré tí à ń gbé kiri ni a máa ń kó iṣẹ́ sí. Fídíò kò sọnù. Ẹ̀rọ tí a ó fi gé e ni kò sí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a gba Ìkòtún lọ, sọ́dọ̀ ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn, ọjà rẹ̀ kì í sì í ṣe jágbajàgba. Ó gbé méjì kalẹ̀ fún wa, iye kan náà ni wọ́n, owó wa kò sì ká ju ẹyọ kan lọ. Àkọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, pórósẹ́sọ̀ rẹ̀ yára, irú èyí tó lágbára tí wọ́n ń pè ní i7 ni, ṣùgbọ́n mẹ́mórì gíìgì mẹ́rin péré ló ní. Èkejì nípọn bí ìwé ìtàn àtijọ́. Gíìgì mẹ́jọ ni mẹ́mórì rẹ̀, àmọ́ pórósẹ́sọ̀ rẹ̀ kò yá tó ti àkọ́kọ́.

Ìyàwó mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Èyí tó yára ni ká mú. Bí a bá gé iṣẹ́ tán, ẹ̀rọ ni yóò jókòó sè é pọ̀ di fídíò kan. Pórósẹ́sọ̀ ló ń ṣe ìyẹn. Bó bá ń falẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló máa ṣiṣẹ́ títí tí yóò fi tán. Ẹ̀yin lẹ máa ru kẹ́ẹ̀gì lọ síbi tí wọ́n ti ń ta bẹntiróò, kì í ṣe èmi."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá ń se fídíò gbọ́dọ̀ ro ti iná mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n èmi ti jókòó ti ẹ̀rọ tó kú yẹn pẹ́, mo mọ ibi tó ti máa ń dá wa dúró. Kámẹ́rà mẹ́ta la fi ya ìsìnkú náà, a sì ti fi àwọn fọ́tò àtijọ́ ìyá náà sí i. Ńlá-ńlá ni a ya àwọn fọ́tò wọ̀nyí wọ inú ẹ̀rọ, kí ojú lè hàn dáadáa. Pórósẹ́sọ̀ dà bí ọwọ́ télọ̀, mẹ́mórì sì ni tábìlì tó ń tẹ́ aṣọ sí. Bí ọwọ́ télọ̀ bá yára bí iná, tí tábìlì rẹ̀ kò gba aṣọ, ìdajì ọjọ́ rẹ̀ ni yóò fi máa rìn lọ rìn bọ̀ sídìí àpótí aṣọ, ìyẹn háàdì.

Ọkùnrin náà fi orin kan dán àwọn ẹ̀rọ náà wò fún wa. Fídíò kúkúrú ni, ó gé díẹ̀, ó ní kó sè é. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ti parí kí èkejì tó dé ìdajì. Ìyàwó mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ wá jẹ́ ká fi iṣẹ́ tiwa dán an wò," mo wí, mo sì yọ háàdì wa nínú báàgì.

Ọkùnrin náà sinmi ọwọ́ lé itan. "Bàbá, láàpútọ́ọ̀pù lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ fẹ́ mú ọmọ wa níyàwó? Ìwádìí yìí pọ̀ jàre."

"Ẹ jẹ́ kó wádìí," ìyàwó mi dáhùn. "Kò wádìí tó báyìí kó tó fẹ́ mi."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò gbé háàdì náà padà sínú báàgì.

A ṣí ìsìnkú náà lórí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ibi ìwọ́de lọ sí itẹ́ òkú ń lọ dáadáa. Nígbà tó kan ibi tí fọ́tò pọ̀ sí, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó dúró. Iná háàdì inú rẹ̀ tàn, kò ṣẹ́jú mọ́. Mo ní kí ọkùnrin náà ṣí ibi tí ẹ̀rọ ti ń fi ìlò ara rẹ̀ hàn. Mẹ́mórì ti kún dé ẹnu, pórósẹ́sọ̀ tí à ń pọ́n sì jókòó, iṣẹ́ díẹ̀ ló ń ṣe. Ó ń dúró de ohun tí wọ́n ń wá kó fún un ní inú háàdì.

A gbé e sórí èyí tó nípọn. Ó kọjá lórí àwọn fọ́tò náà láìdúró. Kò yá bí àṣá, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ lé mi.

Ìyàwó mi kò tíì gbà. "Ṣé wọn kì í fi mẹ́mórì kún un ni? Ẹ jẹ́ ká ra èyí tó yára, tó bá yá, ká fi tiẹ̀ kún un. Pórósẹ́sọ̀ ni kò ṣeé pààrọ̀."

"Wọ́n ń fi kún un dáadáa, Mọ̀mí," ọkùnrin náà gbè é lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, nítorí bó ti máa ń rí nìyẹn lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Díẹ̀ ló kù kí n yí padà. "Tú ìdí rẹ̀ fún wa," ni mo sọ.

Ó ní àwọn kì í tú u fún ẹni tí kò tíì sanwó. Mo ní a ó dúró. Mo fa àga kan, mo jókòó, mo ń kí àwọn tó ń wọlé bí ẹni pé ṣọ́ọ̀bù mi ni. Nígbà tó yá, ó wá sukúrúdíráfà tí yóò fi tú u.

Nígbà tó ṣí ìdí ẹ̀rọ náà, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ti jó mẹ́mórì náà mọ́ bọ́ọ̀dù láti ilé iṣẹ́. Kò sí ojú ibi tí ènìyàn lè ki òmíràn bọ̀. Gíìgì mẹ́rin ni yóò jẹ́ títí ayé rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ó wí. "Èyí tó fẹ́lẹ́ báyìí ò tíì pọ̀ lọ́wọ́ wa. Mo rò pé bí ti yòókù ni."

Ìyàwó mi gbé èyí tó nípọn sórí itan rẹ̀, ó wò ó yíká. "Ẹ sanwó. Àmọ́ kẹ́ẹ̀gì ṣì jẹ́ tiyín o."

A gé ìsìnkú náà láìdúró. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, a ní kó máa sè é. Ó falẹ̀ bí ìyàwó mi ti wí gẹ́lẹ́. Iná lọ, a yí jẹnẹrétọ̀. Bẹntiróò tán, mo gbé kẹ́ẹ̀gì láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán mi létí, bátìrì láàpútọ́ọ̀pù náà sì gbé iṣẹ́ náà ró títí mo fi dé. Oòrùn ti ń wọ̀ kó tó parí. A kọ ọ́ sí díìsì, a sì jókòó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lọ́jọ́ Àìkú, obìnrin náà yà lọ́dọ̀ wa, ẹrù rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ pápákọ̀ òfuurufú. Ó ní ká fi díẹ̀ hàn òun. Ìyàwó mi fi ibi àwọn fọ́tò hàn án. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ ní ọ̀dọ́mọbìnrin, ó gbé ọmọkùnrin kan pọ̀n, ọmọ náà ń wo kámẹ́rà láti èjìká rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," ó wí. Kò ní ká wo ibi yòókù. Ó yọ aṣọ kan nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀, ó fi wé díìsì náà, ó sì gbé báàgì náà mọ́ àyà jáde.