Ọwọ́ Òsì ní Kíláàsì Kẹrin

Bí Àǹtí Adùnọlá Àkàngbé bá wọ ilé ẹ̀kọ́ wa ní Mushin, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúkọ ara wọn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń rán an wá láti fún wọn ní máàkì. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Á jókòó sẹ́yìn, á gbé fọ́ọ̀mù lé orúnkún, á máa kọ. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ kíláàsì kẹrin gan-an, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí.

Lọ́jọ́ yẹn, Pẹ̀lúmi ló kàn. Ó ti fìdí rẹmi lọ́dún tó kọjá. Bó bá tún ṣubú, kò ní gba ìwé ẹ̀rí lọ́dún yìí náà. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ìdajì àti ìdámẹ́rin. Ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ sì dùn. Bírò Àǹtí ń lọ geerege.

Pẹ̀lúmi wá béèrè ìbéèrè. Gbogbo kíláàsì nawọ́ sókè. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo rí i pé bírò Àǹtí ti dúró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọwọ́ náà, òsì ni. Ọmọ Yorùbá wo ló ń na ọwọ́ òsì sí àgbà? Pẹ̀lúmi ò sì pe ìkankan nínú wọn. Àwọn tó na ọ̀tún nìkan ló ń pè, gbogbo wọn ló sì ń gbà á.

"Pe ọmọ yẹn," Àǹtí wí. Haleemah ló ń tọ́ka sí, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì wà lókè.

Ojú Pẹ̀lúmi fà ro. "Haleemah, èwo ló tóbi jù, ìdajì àbí ìdámẹ́rin?"

"Ìdámẹ́rin, Àǹtí Pẹ̀lúmi. Mẹ́rin ju méjì lọ."

Àánú Pẹ̀lúmi ṣe mí. Ó wo ètò ẹ̀kọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó mú abala ìwé méjì tó dọ́gba lọ bá ọmọ náà. Ó ní kó ya ọ̀kan sí méjì, kó ya ìkejì sí mẹ́rin, kó wá gbé ẹyọ ìdámẹ́rin lé ẹyọ ìdajì. Haleemah wò ó títí.

"Ìdámẹ́rin ló kéré," ló sọ jẹ́jẹ́.

Àwọn ọlọ́wọ́ òsì tó kù dìde wá wò ó, Pẹ̀lúmi sì fún àwọn náà ní ìwé. Aago lù kó tó lè ṣe ìgbéléwọ̀n tó yẹ kó fi parí ẹ̀kọ́ náà.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde tán, Pẹ̀lúmi kúnlẹ̀ fún Àǹtí. "Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo ní kí ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n na òsì. Gbogbo wa la máa ń ṣe é tí súpáfáísọ̀ bá ń bọ̀."

"Mo mọ̀," Àǹtí wí. "Ta lo wá kọ́? Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n?"

Níbi bíbéèrè ìbéèrè, òdo ni Àǹtí fi sí i. Níbi ìgbéléwọ̀n, òdo. Níbi ìrànlọ́wọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé, ó fún un ní gbogbo máàkì. Ó ro wọ́n pọ̀, ó tún wọn rò. Pẹ̀lúmi yege, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó fìdí rẹmi. Àǹtí kọ nǹkan sísàlẹ̀, ó na fọ́ọ̀mù náà sí i kó fọwọ́ sí i. Pẹ̀lúmi kà á, ó bú sẹ́kún. Mo yọjú wo ohun tó kọ:

"Láti òní lọ, ọwọ́ òsì ni kó o máa kọ́kọ́ pè."