Ìyá Ọjọ́-Pé Ti Ìforúkọsílẹ̀ Pa

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Ìyá Ọjọ́-Pé jẹ́, kó gbé aṣọ lọ fún un rán. Ọjọ́ tó bá dá fún un ni kó lọ gbà á. Bó bá fi di ọjọ́ kejì kó tó yọjú, yóò bá aṣọ náà níbi tó gbé kọ́ sí, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti ṣa òwú ara rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ìbáwí ni yóò kọ́kọ́ gbà kó tó gba aṣọ: "Àná ni mo ní kẹ́ ẹ wá. Ṣé ìhòòhò lẹ wà látàná ni?"

Irú télọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn télọ̀ ní èdè tiwọn. Bí wọ́n bá ní "ó ku bọ́tìnnì," wọn ò tíì gé e. Bí wọ́n bá ní "ẹ padà wá lọ́la," wọ́n ṣì ń wá ibi tí wọ́n fi aṣọ sí. Bí wọ́n bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà ìyá yín àti àbúrò yín, ẹ máa múra ọkàn, ayọ́ọ̀nù ti jó o nìyẹn.

Wọn ò bí ìwà yìí mọ́ ìyá náà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló ti kó o, bí ẹni tó jẹ ohun kan tí inú fi run ún tó wá kórìíra rẹ̀ títí ayé. Ọ̀gá yẹn mọ aṣọ gé. Kò sí ẹni tí ì bá bá a du ìyẹn. Àmọ́ bó bá ti rí oníbàárà lókèèrè báyìí, abẹ́ tábìlì ìgéṣọ ló ń gbà lọ, àwọn ọmọ-iṣẹ́ ni yóò sì máa purọ́ fún un. Ó kan òun náà lọ́jọ́ kan, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ-iṣẹ́. Obìnrin kan wá gba aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, ọmọ-iṣẹ́ yìí ní, "Ọ̀gá mi ti jáde, mà." Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà tí ọ̀gá fi sín lábẹ́ tábìlì. Oníbàárà wo tábìlì, ó wo ọmọ, ó ní, "Bí òtútù tó mú tábìlì yín bá lọ tán, ẹ ní kó bá mi wá aṣọ mi."

Láti ọjọ́ yẹn lọmọ náà ti sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá di ọ̀gá, òun ò ní wọ abẹ́ tábìlì láé. Ó di ọ̀gá, kò sì wọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ìyá Ọjọ́-Pé nìyẹn. Ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀fẹ̀, ó wá di orúkọ, nígbà tó yá ó di ohun tó ń fi yangàn káàkiri.

Nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lórí aṣọ dúdú, ó yí sí kíkọ́ni níṣẹ́. Ó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kótópó, ó gba yàrá ńlá kan lókè ilé ìtẹ̀wé, ó to ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́fà síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú fèrèsé. Ẹnì kan sí ẹ̀rọ kan ni òfin rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń wo ẹni tó ń ránṣọ, ìwòran ló ń kọ́. Àmọ́ yàrá náà wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló lè gbé owó ilé rẹ̀. Bí wọn ò bá pé mẹ́fà, àtúnṣe aṣọ ni ìyá yóò máa ṣe kún un, tòun ti ojú tó ń dùn ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó padà sí kótópó.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a gbé àwòrán sórí ayélujára. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣí ìforúkọsílẹ̀ fún kíláàsì tuntun, àwọn méjèèjì jókòó ti fóònù láti kọ ọ̀rọ̀ tí yóò wà lábẹ́ àwòrán.

"Mọ́mì, ẹ má kọ iye owó síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní kí wọ́n kàn sí wa."

"Kí wọ́n kàn sí wa ká wá ṣe kí ni? Ká wo bàtà wọn ká tó dá iye lé wọn? Kọ ọ́ síbẹ̀."

"Gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo èèyàn náà ló ń wọ abẹ́ tábìlì. Kọ ọ́."

Ohun tí wọ́n gbé jáde nìyí, lábẹ́ àwòrán àwọn ẹ̀rọ mẹ́fà náà:

*Ìforúkọsílẹ̀ ti ṣí fún kíláàsì ìránṣọ, fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá. Oṣù mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Owó ẹ̀kọ́ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta: ẹ san ìdajì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá forúkọ sílẹ̀, ẹ san ìdajì tó kù kí oṣù kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ wà nílẹ̀. Ẹ mú sísọ́ọ̀sì àti téèpù ìwọnra tiyín wá. Ìjókòó mẹ́fà ló wà. Ìforúkọsílẹ̀ yóò parí ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí. Kíláàsì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún, ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bébà lẹ ó máa rán, ẹ̀rọ ò ní lówú lẹ́nu.*

"Bébà kẹ̀!" ni ọmọ sọ. "Ẹ fẹ́ lé wọn ni?"

"Bébà kì í purọ́. Bọ́wọ́ bá wọ́, ihò abẹ́rẹ́ á sọ ọ́. Ẹni tí bébà bá lé, aṣọ á lé e, á sì ti ba aṣọ jẹ́ kó tó sá."

Wàyí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa irú kíláàsì báyìí mọ̀ pé ọjọ́ ìparí ìforúkọsílẹ̀ kì í parí. Bó bá di ọjọ́ náà, olùkọ́ á gbé òmíì jáde: "Nítorí ẹ̀bẹ̀ àwọn èèyàn wa, a ti fi ọ̀sẹ̀ kan kún un." Kò sẹ́ni tó bẹ̀bẹ̀, ìjókòó ló ṣófo. Àwọn èèyàn ti mọ̀, nítorí náà wọn kì í dìde àfi bí wọ́n bá ti ní ó parí.

Ẹni mẹ́ta ló forúkọ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, obìnrin kan tó ń tún bàtà ṣe ní ìkóríta pè, ó ní owó òun máa pé láàárọ̀ ọ̀la, ṣé kò burú? Ìyá ní ó burú, agogo mẹ́fà òní ni. Obìnrin náà pa fóònù. Nígbà tó ku díẹ̀ kí agogo mẹ́fà lù, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ gìrìgìrì lórí àtẹ̀gùn. Òun ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, gọ́ọ̀mù bàtà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti yá a lọ́wọ́ àbúrò òun. Ìyá gba owó, ó kọ rìsíìtì, ó bu omi fún un. Bí agogo ṣe lù báyìí, ó ní kí ọmọ òun kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé ó ti parí.

"Ẹni mẹ́rin péré, Mọ́mì."

"Mo mọ̀ ọ́n kà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, màdáàmù oníbùtíìkì gun àtẹ̀gùn wá. Bùtíìkì rẹ̀ ló tóbi jù ní àdúgbò, ohùn rẹ̀ náà sì tó o. Ó kó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì wá, àwọn méjèèjì gbé sísọ́ọ̀sì tuntun dání bí ẹni tó ń lọ jà.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ yìí rèé. Owó wọn rèé, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ìdajì-ìdajì."

Ọmọ Ìyá Ọjọ́-Pé ti na ọwọ́ sí ìwé rìsíìtì. Ìyá fi ìgbọ̀nwọ́ lé e.

"Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ó ti parí lánàá. Kíláàsì tó ń bọ̀ ni wọ́n á wọ̀."

Màdáàmù rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ìyá ń wá àfikún owó ni. "Ó dáa, mo fi nǹkan díẹ̀ lé e."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, mà."

"Àga méjì ló ṣófo níbẹ̀ yẹn, mo rí wọn! Ọjọ́ Ajé lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ni àwọn tó kù fi ṣíwájú wọn? Bébà ni wọ́n fẹ́ rán, bébà!"

Ìyá wo àga méjèèjì. Kí n má parọ́, ó wò wọ́n pẹ́. Ó rí owó ilé lórí wọn, ó rí ṣọ́ọ̀bù kótópó. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Ẹnì kan bẹ̀ mí lánàá pé kí n dúró di àárọ̀ òní. Mo ní rárá. Ó sáré yáwó, ó sáré gun àtẹ̀gùn yìí bí ẹni tí ajá ń lé. Bí mo bá gba tiyín lónìí, nítorí kí ni mo ṣe jẹ́ kó sáré bẹ́ẹ̀?"

"Ta lẹni ọ̀hún?"

"Ẹni tó ń tún bàtà ṣe ní ìkóríta."

"Ìyẹn lẹ fi ń wé mi?"

"Rárá o, mà. Òun tètè dé."

Àtẹ̀gùn ni màdáàmù ń bá sọ̀rọ̀ bó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán wọn níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á: *Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ṣọ́ra fún obìnrin yìí. Mo gbé odindi owó lọ láàárọ̀ òní, ó lé mi nítorí pé àná ló ní òun ń tì í. Télọ̀ ni o, ó ń sọ̀rọ̀ ọjọ́!*

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n pa á rẹ́."

Ìyá ní kí ó tún un kà. Ó kà á. Ó ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì rọra jókòó dáadáa, bí ẹni tí wọ́n ń fún ní oyè.

"Irọ́ wo ló wà níbẹ̀? Fi sílẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, ẹni mẹ́rin jókòó sídìí ẹ̀rọ, wọ́n ń rán bébà lọ tọ́ọ́rọ́, àga méjì ṣófo. Odidi oṣù mẹ́ta ni ìyá fi ń ṣe àtúnṣe aṣọ fún owó ilé. Ó ń dín ṣòkòtò kù, ó ń pààrọ̀ sípù, dígí méjì lójú. Kò ráhùn. Ọmọ rẹ̀ ló ń ráhùn fún un. Àmọ́ ọ̀rọ̀ màdáàmù ń rìn ní tiẹ̀. Àwọn èèyàn tí wọn ò fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kankan ń fi í ránṣẹ́ sí ara wọn, wọ́n ń bi ara wọn bóyá lóòótọ́ ni télọ̀ kan wà tí ọjọ́ ń jẹ́ ọjọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé ìkéde kíláàsì tuntun jáde, wọ́n kọ iye owó, wọ́n kọ ọjọ́ tí kíláàsì máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ìforúkọsílẹ̀ ń ṣí. Ìyá àti ọmọ dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n bá èrò lórí àtẹ̀gùn. Màdáàmù oníbùtíìkì ló jókòó sókè pátápátá, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tòògbé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Kò kí ìyá. Ojú ẹ̀ ṣì le. Ṣùgbọ́n bí ìyá ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn, ọkùnrin kan ti ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́ ògiri láti ìsàlẹ̀, ó na owó sókè, ó ní òun ń kánjú, ṣé wọ́n lè kọ́kọ́ gba tòun.

Màdáàmù yí sí i kí ìyá tó la ẹnu.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ padà sẹ́yìn. Agogo mẹ́jọ ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò tíì lù. Ibí yìí kì í ṣe ibi téèyàn kàn ń wọ̀ bó ṣe wù ú."