Máàkì Méjìléláàádọ́ta Ọmọ Mi

Kò sí àgbọn tó kúrò ní Ọ̀jọ́ lójú omi nígbà náà tí kì í ṣe ọkọ̀ mi ló gbé e. Sítáńdáàdì kejì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n pákó tèmi ni wọ́n fi kan bẹ́ńṣì tí àwọn olùkọ́ jókòó lé, tí wọ́n ń máàkì ìdánwò gbogbo ilé ìwé àgbègbè wa. Nítorí náà, ọjọ́ tí mo gbọ́ pé páàsì lásán ni wọ́n fẹ́ fún ọmọbìnrin mi, n kò kanlẹ̀kùn kí n tó wọ yàrá tí wọ́n ti ń máàkì.

Máàkì méjìléláàádọ́ta ló gbà nínú ìṣirò. Lọ́dún tó ṣáájú, ọmọ àbúrò mi ní Ìbà gba iye kan náà, wọ́n fún un ní kírẹ́díìtì, ó sì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Láìsí kírẹ́díìtì, kọ́lẹ́ẹ̀jì ò ní gba tèmi. Mo bi ọ̀gá wọn bóyá ojú ọmọ àbúrò mi ló dára ju ti ọmọ mi lọ.

Ó ní kí n wo orí tábìlì. Wọ́n to ìwé ìdáhùn àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n má rí kírẹ́díìtì gbà lọ́dún tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tọdún yìí. Ó ní ìgbà táwọn bá máàkì tán làwọn ń wá ibi tí kírẹ́díìtì á ti bẹ̀rẹ̀. Àádọ́ta ni lọ́dún tó kọjá. Ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí gba mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, torí pé ìbéèrè rọrùn; ibẹ̀ ni kírẹ́díìtì ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Mo ní irọ́ ni. Àádọ́ta àgbọn, àádọ́ta náà ni, ì báà jẹ́ ní Ọ̀jọ́, ì báà jẹ́ ní Òkókómáìkò.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá mi ṣe ọ̀kan.” Ìbéèrè kan nínú tọdún yìí ni ọ̀gá náà kà: ọkọ̀ ń rin máìlì mẹ́rin ní wákàtí kan, wákàtí mélòó ni yóò fi rin máìlì méjìlá?

“Mẹ́ta. Ṣé ìyẹn náà nìbéèrè? Ewúrẹ́ mi mọ̀ ọ́n.”

“Ó dáa. Ẹ gba ti èṣí.” Ọkọ̀ fi wákàtí mẹ́fà rin máìlì méjìlá lòdì sí omi, ó fi mẹ́ta bá omi padà. Báwo ni omi fúnra rẹ̀ ṣe ń yára tó?

Mo wo òrùlé. Mo ní ta ní í bi omi léèrè ìrìn rẹ̀.

“Bàbá, ẹ ti bá wa dá ẹjọ́ náà,” ni ọ̀gá náà wí.

Mo fi ìbínú ti ilẹ̀kùn débi pé ìkọ́ rẹ̀ já. Páàsì náà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọmọ mi tún kíláàsì náà ṣe, n kò sì kí olùkọ́ kankan fún odindi ọdún kan.

Ọdún kejì, ìbéèrè le bí òkúta. Ọmọ mi gba mọ́kàndínláàádọ́ta, wọ́n fún un ní kírẹ́díìtì. Mo ròyìn kírẹ́díìtì náà dé Ìjànìkin. Ẹni tó bá bi mí ní iye máàkì rẹ̀, mo ní kí ló kàn án níbẹ̀.