Ẹni Tó Dúró Níwájú Oòrùn

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí rẹ́rìn-ín: n kì í mutí, n kò sì tòògbé lóru ọjọ́ náà. Ìwọ tí o ti ń yínmú yẹn, fara balẹ̀. Ojú mi méjèèjì ló rí i.

Ní Libreville ni, ìlú etí òkun kan tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ládùúgbò Louis, lórí òkè ilé ọtí kan tí orin rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tá a ti ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé tí wọn kò tíì kọ́. Èmi ni mo kéré jù níbẹ̀, ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. (Ẹ má wo bí mo ṣe rí lónìí. Mo ti jẹun láti ìgbà náà.)

Ọdún tí wọ́n gé agbára owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ sí méjì ni. Patron wa, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá níbẹ̀, ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Brọ̀dá Sámí wà lára wọn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí láti orí bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ. Kò rówó ọkọ̀ òfuurufú, ló bá wọ ọkọ̀ ojú omi pé òun yóò gba Kùtọnu relé. Láti ọjọ́ náà, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bọ́lá, ń gbé ní Sotega nítòsí wa. Bá a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, á fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ṣé ó ti fóònù síbi iṣẹ́?"

"Kò tíì fóònù, mà. Yóò fóònù."

Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ?

Iṣẹ́ tí Brọ̀dá Sámí fi sílẹ̀ láìparí ni wọ́n gbé fún mi: ilé kan tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Okala, tá a ṣí òrùlé rẹ̀ kúrò kí oníbàárà lè máa wo inú yàrá láti òkè. Mo parí rẹ̀. Patron na ìka sí mi: "Bí n ò bá bá àwòrán yẹn lórí tábìlì mi láàárọ̀, ilé iṣẹ́ yìí ti parí nìyẹn. Kí ìwọ náà máa lọ sílé yín." Nílé wa nígbà náà, owó oṣù tèmi nìkan ló kù tá a fi ń jẹun.

Ẹ̀rọ wa lọ́ra bí ìgbín. Nítorí náà, tá a bá ń dán àwòrán wò, a máa ń pa òjìji, torí pé ìṣirò òjìji ló ń jẹ àkókò jù. Àwòrán ìkẹyìn nìkan la máa ń tan òjìji fún. Lóru ọjọ́ náà, ilé ọtí ìsàlẹ̀ ti pa orin rẹ̀, èmi nìkan ni mo kù lókè. Mo tan án, mo tẹ bọ́tìnnì, mo jókòó tì í títí ó fi yà á tán.

Dúdú. Dúdú kirikiri láti igun dé igun.

Mo nu ojú ẹ̀rọ, mo tún un ṣí. Dúdú.

Mo wo fìtílà oòrùn, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ inú kọ̀ǹpútà tá a fi ń ṣe oòrùn. Ọ̀kan ṣoṣo la fi sí i, ó sì wà ní títàn. Òfin Brọ̀dá Sámí ni pé a kì í fi ìmọ́lẹ̀ fífọ́nká kún un, pé ńṣe ló ń mú kí àwòrán dà bí ìgbà tí ọyẹ́ bò ó. Ìyẹn ni pé ibi tí oòrùn yẹn kò bá dé, kò sí ohun mìíràn tí yóò tàn síbẹ̀.

Àbí kámẹ́rà ló kọjú síbòmíì? Ẹ̀rọ wa a máa ya àwòrán kejì kan pa mọ́ sẹ́yìn ti àkọ́kọ́, tó funfun níbi tí nǹkan wà, tó dúdú níbi tó ṣófo. Mo ṣí i. Ilé náà wà níbẹ̀ ní funfun, ògiri dé ògiri. Kámẹ́rà ń rí ilé. Ilé náà ni kò rí ìmọ́lẹ̀.

Ògiri inú kọ̀ǹpútà ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í hàn ní ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní kó ka méjèèjì sí iwájú. Dúdú. Mo bọ́ gbogbo àwọ̀ kúrò, mo kun ilé lẹ́fun. Dúdú.

Mo wá pa òjìji. Ilé yọ gbàùn! Ó mọ́ kedere. Mo tún tan òjìji, ó tún ṣókùnkùn.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nǹkan kan dí oòrùn lójú.

Mo fi ìdajì ilé pa mọ́, mo ya àwòrán kékeré. Dúdú. Mo fi ìdajì kejì pa mọ́, mo gbé àpótí funfun kan ṣoṣo sílẹ̀. Àpótí náà dúdú! Ẹ gbà mí gbọ́. Kò sí nǹkan kan mọ́ tó lè ṣíji bò ó.

Nígbà náà ni mo rántí pé iwájú ilé nìkan ni mo ti ń wò látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Oòrùn jìnnà réré sí i. Mo fa ojú ìwòye sẹ́yìn, títí ilé Okala fi kéré bí àmì ìdánudúró.

Ènìyàn kan dúró síwájú fìtílà, ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji òun nìkan bo gbogbo ilé.

Mo tẹ̀ ẹ́ láti wo orúkọ rẹ̀. SÁMÍ.

Ẹ má sá. Mo mọ̀ ọ́n. Brọ̀dá Sámí ya ọkùnrin kan tó ga bí òun gẹ́lẹ́, a sì máa gbé e sẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé tó bá ń yà, kó lè mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn gba ènìyàn. Tó bá parí, á pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni ipò rẹ̀. Ta ló gbé e lọ síwájú oòrùn?

Mo na ìka sí bọ́tìnnì ìparẹ́. Ẹ̀rọ béèrè pé, ṣé ó dá mi lójú?

Létí mi, ẹnì kan sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Má tíì, jọ̀ọ́."

Mo yíjú. Kò sí ẹnì kankan. Àga tí Brọ̀dá Sámí máa ń jókòó sí ló wà níbẹ̀, omi sì wà nílẹ̀ abẹ́ rẹ̀.

Mo sáré dé orí àtẹ̀gùn. Bàbá Wásíù tó ń ṣọ́ ilé, ọmọ Kétu, gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi ilé dé, kò tíì gbọ́ pé Brọ̀dá Sámí ti lọ.

"Bàbá, ta ló gòkè?" Mo ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Sámí ọ̀gá rẹ ni. Omi ń kán lára rẹ̀. Mo ní kó gba aṣọ mi kó fi nura, kò dá mi lóhùn. Ṣé ẹ ń bínú sí mi ni?"

Òjò kò rọ̀ lóru ọjọ́ náà.

Mo padà wọlé. N kò pa á rẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fọwọ́ ara mi pa á rẹ́, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣì ń retí rẹ̀? Mo rọra gbé e kúrò níwájú fìtílà, mo gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà ilé, mo yí ojú rẹ̀ sínú bí ẹni tó ń wọlé. Mo ní, "Ẹ wọlé, Brọ̀dá." Mo wá tẹ bọ́tìnnì.

Àwòrán jáde, ó mọ́, ó dára. Oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀, ó ní ọkùnrin ẹnu ọ̀nà yẹn mú kí ilé náà jọ ibi téèyàn ń gbé. Ilé iṣẹ́ kò tì, èmi náà kò kúrò. Mo tẹ ẹ̀dà kan, mo mú un lọ fún Ìyá Bọ́lá ní Sotega. N kò sọ nǹkan kan fún un. Mo kàn ní iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ nìyí.

Ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka pa ọkùnrin náà lára.

"Kí ló dé tó kọjú síta?"

Mo gba bébà náà. Òótọ́ ni. Ó ti yíjú kúrò nínú ilé, ó ń wo apá òkun.

Ìyá Bọ́lá kò sunkún. Ó ká bébà náà jẹ́jẹ́, ó ní, "Kò tíì fẹ́ wọlé nìyẹn," ó sì lọ gbé ìkòkò ka iná.

Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí ọkọ̀ náà já sí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ yín yára ju tiwa lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí àwòrán yín bá dúdú láìnídìí, tí ẹ sì rí ẹni tó dúró níwájú oòrùn, ẹ má kánjú pa á rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ rẹ̀. Ẹ sì má wo ẹ̀yìn.